Ìbéèrè àti ìdáhùn: "Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò 27%" nínú DNA ọmọ Ìbàdàn

Aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù lọ́jọ́ náà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pè mí láti Mọ́níyà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà ti tutọ́ sínú ike kékeré kan, ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí ń yẹ DNA wò, èsì sì ti dé: Nàìjíríà 68, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò 27, Málì 3, Kamẹrúùnù 2. Ọmọ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sójú WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi ara wọn pé ta ni ará Tógò tó wọ inú ilé náà. "Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ṣé wọ́n ń sọ pé mo ṣàgbèrè ni?"

Yíyẹ fáìlì DNA wò lórí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará àdúgbò àti ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ti ń mú èsì tiwọn wá bá mi. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí, èsì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni n ó sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Níbi tí mo bá ti kọ "Bẹ̀nẹ̀", ti Kútọnu ni o, kì í ṣe Bìní ti àwọn Ẹ̀dó. Mo ti rí ibi tí ìdàpọ̀ orúkọ méjèèjì yẹn nìkan ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ní "Nàìjíríà 68%", kí ni wọ́n kà nínú itọ́ mi gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí jínótáìpù, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbéyàwó ní Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ní AS ni yín, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ní ojú kan ṣoṣo nínú DNA yín, ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ bàbá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá. Ojú kan péré nìyẹn. Bílíọ̀nù mẹ́ta irú ojú bẹ́ẹ̀ ló wà nínú DNA ènìyàn, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀: A, C, G àti T. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta àyẹ̀wò ìran kì í ka bílíọ̀nù mẹ́ta. Nǹkan bí 600,000 sí 700,000 ojú ni wọ́n ń kà, àwọn ojú tí wọ́n ti mọ̀ pé lẹ́tà ẹnìkan lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ìkànnì wọn máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ fáìlì rẹ̀ kalẹ̀. Báyìí ni ìlà kan nínú rẹ̀ ṣe máa ń rí:

```
# rsid      chromosome  position    genotype
rs2814778   1           159174683   CC
```

Èyí tó ṣáájú ni orúkọ ojú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà kírómósóòmù tó wà, àti ibi tó wà lórí kírómósóòmù náà. Lẹ́tà méjì tó wà ní ìparí, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá. Kíkà yìí dára, àṣìṣe inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Tí ẹ bá tutọ́ sí ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn lẹ́tà tí wọ́n jọ kà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ìlà náà wò. Kò sí Nàìjíríà níbẹ̀, kò sí Tógò. Ẹ ka fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní bá orúkọ orílẹ̀-èdè kankan pàdé.

Níbo wá ni orúkọ orílẹ̀-èdè ti wọlé?

Ẹ ká ní ẹ rí ègé aṣọ òkè kan nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti hun ún. Ẹ mú un lọ sí ọjà Ọjẹ́. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kò bá ẹni tó hun ún sọ̀rọ̀ rí. Ohun tó máa ṣe ni pé á tẹ́ ègé yín lé orí àwọn ìdì aṣọ tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdì ti Ìsẹ́yìn, ìdì ti Ìlọrin. Á wo òwú, á wo bí ìlà ṣe fẹ̀ tó, lẹ́yìn náà á ní, "Ti Ìsẹ́yìn ló jọ jù." Tí kò bá sí ìdì Ìsẹ́yìn ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní dákẹ́. Á sọ pé Ìlọrin ni. Kì í ṣe pé ó purọ́: nínú ohun tó wà níwájú rẹ̀, òun ló jọ jù.

Ìdì aṣọ wọ̀nyẹn ni mo ń pè ní agbo àfiwé. Ilé iṣẹ́ DNA kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Wọ́n kó DNA àwọn kan jọ tí àwọn òbí àgbà wọn jẹ́ ọmọ agbègbè kan náà, wọ́n wá lẹ orúkọ mọ́ agbo kọ̀ọ̀kan: "Nàìjíríà", "Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò", "Kamẹrúùnù". Àwọn mìíràn nínú wọn wá láti inú àkójọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbé síta fún gbogbo ayé, àwọn mìíràn sì jẹ́ oníbàárà ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibì kan náà ni àwọn òbí àgbà òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá.

Àwọn tó wà nínú agbo wọ̀nyí kì í ṣe òkú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ló rò pé èsì náà ń sọ ibi tí àwọn baba ńlá wọn gbé ní 500 ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ gba itọ́ àwọn ará 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó wà láyé lóde òní, tàbí tó wà láyé láìpẹ́ yìí, ni wọ́n fi yín wé.

Ẹ ṣe ìṣirò 68 yẹn fún wa ká rí i.

Mo máa mú un rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí. Kọ̀ǹpútà á gé DNA ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí ègé wẹ́wẹ́, ká ní 1,000 ègé. Nítorí pé ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní, ti bàbá àti ti ìyá, ègé 2,000 ló wà láti dájọ́ lé lórí. Lórí ègé kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú gbogbo agbo tí mo ní, èwo ni ọ̀nà tí lẹ́tà ègé yìí gbà tẹ̀lé ara wọn wọ́pọ̀ sí jù?

Ègé 1,360 lọ sọ́dọ̀ Nàìjíríà, 540 lọ sọ́dọ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, 60 lọ sọ́dọ̀ Málì, 40 lọ sọ́dọ̀ Kamẹrúùnù. Ẹ pín ìkọ̀ọ̀kan wọn sí 2,000, ẹ ó rí 68, 27, 3 àti 2 nínú 100. Ohun tí pásẹ́ǹtì náà jẹ́ nìyẹn: iye ègé tí wọ́n fún agbo kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iye baba ńlá. Kì í ṣe pé bí bàbá àgbà kan nínú mẹ́rin bá jẹ́ ará Tógò ni 27 ṣe jáde.

Ohun tí ojú ìwé èsì kì í fi hàn dáadáa ni bí ìdájọ́ orí ègé kan ṣe máa ń há tó. Lórí ègé kan, ó lè jẹ́ pé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní 51 nínú 100, Nàìjíríà ní 46. Ẹni tó borí, bó ti wù kó kéré tó, òun ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ègé náà. Tí irú ìdájọ́ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan, gbogbo wọn á rọ́ jọ di 27, a ó sì máa wo 27 bíi pé ó dúró gbọn-in.

Tí kò bá sí ará Tógò nínú ẹbí, kí ló dé tí ègé 540 fi lọ sọ́dọ̀ Tógò?

Ẹ padà sí ìlà tí mo kọ sókè, rs2814778. Ojú yìí lókìkí láàárín àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn ní ìhà tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ní CC níbẹ̀, àwọn òyìnbó Yúróòpù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ TT gbogbo wọn. Ibà ló fà á: CC kì í jẹ́ kí irú kòkòrò ibà kan tí wọ́n ń pè ní vivax rọrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ojú kan ṣoṣo yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ya ọmọ Ìbàdàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí babańlá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n CC ni ní Kútọnu, CC ni ní Lomé, CC ni ní Àkrà. Láàárín aládùúgbò, kò wúlò fún nǹkankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni AS. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Nàìjíríà ló ní in, ó sì wọ́pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà pẹ̀lú. Bí mo bá sọ fún yín pé AS ni ẹnìkan, ṣé ẹ lè sọ ìlú rẹ̀?

Ohun tó kù fún kọ̀ǹpútà láti fi ya aládùúgbò sọ́tọ̀ ni àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké: lẹ́tà kan tí, ká ní, 40 nínú 100 ní nínú agbo kan, tí 43 nínú 100 sì ní nínú agbo kejì. Ọ̀kan irú rẹ̀ kò lè sọ nǹkankan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pa pọ̀ lè tọ́ka, ṣùgbọ́n títọ́ka náà kò lágbára bí títọ́ka láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù.

Ẹ wá wo ilẹ̀ tí a ń sọ nípa rẹ̀. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ wa láti etí òkun lọ sókè. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáṣà wà lọ́hùn-ún, àwọn Ifẹ̀ sì wà ní Tógò títí di òní tí wọ́n ń sọ èdè tó bá tiwa tan. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jagun, tí wọ́n ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú àwọn Fọ̀n àti àwọn Ègùn, kí òyìnbó tó fa ìlà kankan. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ṣakí ni. Ṣakí kò jìnnà sí ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Tí DNA ọmọ Ṣakí bá jọ ti ará Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe ni pé wọ́n mú ìlà 1889, wọ́n fi ṣe orúkọ agbo, wọ́n wá fi agbo náà wọn ẹni tí DNA rẹ̀ kò mọ̀ pé ìlà kankan wà.

Àwọn wo ló wà nínú agbo tí wọ́n fi ń mọ Yorùbá?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìbàdàn tààrà, ó sì máa ń dùn mí pé àwa fúnra wa kò mọ̀.

Ní ọdún 2002 ni iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè púpọ̀, HapMap ni wọ́n pè é. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí DNA ènìyàn ti ń yàtọ̀ síra. Ènìyàn 270 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé: 90 láti ìpínlẹ̀ Yútà ní Amẹ́ríkà, tí ìran wọn wá láti Yúróòpù, 45 láti Bẹ̀jíìnì ní Ṣáínà, 45 láti Tókíyò ní Jàpáànù, àti 90 láti Ìbàdàn níbí. Ìdílé 30 ni àwọn 90 tiwa, bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà láti ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà níbí pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ kópa ní láti sọ pé Yorùbá ni àwọn òbí àgbà òun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n sọ ọ́ di àkójọ tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé iṣẹ́ Coriell ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, orúkọ àkójọ náà sì ni YRI, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà. Nígbà tí iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, 1000 Genomes, parí ní 2015, ènìyàn 2,504 láti agbo 26 ló wà nínú rẹ̀, YRI sì wà lára wọn pẹ̀lú 108 ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin Ìbàdàn wọ̀nyẹn, NA18507 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un, wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n tẹ DNA wọn jáde látòkè délẹ̀, ní 2008.

Nítorí pé ó wà níta fún gbogbo ayé, kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò lo YRI rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ará Mápó pé nígbà tí wọ́n bá fi itọ́ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ aládùúgbò wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ìṣòro wà. Àwọn tó ṣe HapMap kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kí wọ́n máa pe agbo náà ní "Yorùbá ní Ìbàdàn", kí wọ́n má sọ ọ́ di "àwọn Áfíríkà". Ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, tó jẹ́ pé Ìbàdàn nìkan ló ń ṣojú Áfíríkà nínú àkójọ náà, tí ẹ bá fi ọmọ Àkrà tàbí ọmọ Kéńyà síwájú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní kó yàn láàárín Yútà, Bẹ̀jíìnì, Tókíyò àti Ìbàdàn, Ìbàdàn ni yóò mú. Kò sí ìdì mìíràn ní ìsọ̀.

Ìṣòro kejì ni pé kí ni Ìbàdàn fúnra rẹ̀? Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá kan tẹ̀dó síbí. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wá, wọ́n tún kó ẹrú láti ibi púpọ̀, ọmọ wọn sì di ọmọ ilé. Ẹ lọ sí agboolé àtijọ́ ní Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n ki ara wọn, ẹ ó gbọ́ oríkì Ọ̀fà nínú ilé kan, oríkì Ìrèsà nínú èkejì. A kúkú ń sọ ọ́ pé Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì. Nítorí náà, agbo tí ayé ń lò bí òṣùwọ̀n Yorùbá jẹ́ àdàpọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń lò ó bá rántí.

Èsì mi yí padà láìjẹ́ pé mo tutọ́ mìíràn. Ṣé ti àkọ́kọ́ ni irọ́ ni?

Lẹ́tà inú fáìlì yín kò yí. Agbo àfiwé ló yí. Ní 2018, ilé iṣẹ́ AncestryDNA fẹ agbo àfiwé wọn láti nǹkan bí 3,000 ènìyàn sí nǹkan bí 16,000, àwọn oníbàárà sì jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìlú mìíràn nínú èsì wọn. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ látìgbàdégbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà rí tirẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ tirẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, fi í-meèlì ránṣẹ́ pé èsì tuntun ti dé. Nàìjíríà 91, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò 9. Málì ti lọ, Kamẹrúùnù ti lọ. Ègé 540 ti di 180. Ó jọ pé wọ́n ti fi àwọn Yorùbá púpọ̀ sí i kún agbo Nàìjíríà, nítorí náà àwọn ègé tó ti ń ṣe 51 sí 46 tẹ́lẹ̀ wá yí sí ìhà kejì. Inú ń bí mi pé í-meèlì náà kò sọ èyí. Ohun tó sọ ni pé èsì ti túbọ̀ péye, wọ́n sì fi àwòrán máàpù tó rẹwà sí i. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ya àwòrán ojú fóònù wọn kí àtúnṣe tó dé, kí wọ́n kọ déètì sí i. Ibi tí nọ́ńbà bá ti ń fò sókè sódò láàárín aládùúgbò méjì, ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò lè ya àwọn méjèèjì dáadáa. Ibi tí kò bá mira nínú àtúnṣe mẹ́ta, ẹ lè fara tì í díẹ̀.

Ṣé ó lè sọ pé Ìjẹ̀bú ni mí, tàbí Èkìtì?

Rárá, kì í ṣe ní ọ̀nà tí ẹ lè gbára lé. Nínú 1000 Genomes, agbo méjì ló wà láti Nàìjíríà, àwa àti àwọn Ẹ̀sán, àwọn méjèèjì sì súnmọ́ra débi pé ó ṣòro láti yà wọ́n. Tí Yorùbá àti Ẹ̀sán bá ṣòro bẹ́ẹ̀, ẹ wo ti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Nupé ni mí, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ Nupé rárá.

Nítorí pé kò sí agbo Nupé ní ìsọ̀ wọn ni. Nàìjíríà ní èdè tó lé ní 500. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń sọ wọ́n kò ní agbo tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà kì í kọ "n kò mọ̀" sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó máa pín yín fún àwọn tó súnmọ́ yín tó wà lọ́wọ́: díẹ̀ fún Nàìjíríà, díẹ̀ fún Kamẹrúùnù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin kì í ṣe àdàpọ̀ nǹkan mẹ́rin. Òṣùwọ̀n ni kò sí.

Àlejò kan wá láti Amẹ́ríkà, ó ní òun jẹ́ Yorùbá 30%. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ kí i káàbọ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ló wà lójú ìwé gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, "Nàìjíríà" ló wà níbẹ̀, Yorùbá sì jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ Ígbò àti Ìbìbíò gba Bọ́nì àti Kàlàbá lọ, wọ́n sì kó Yorùbá gba Èkó àti Wídà lọ. Wídà yẹn, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló wà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìyá ńlá tó jẹ́ Yorùbá pátápátá wà nínú "Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò" rẹ̀, kí "Nàìjíríà" rẹ̀ sì jẹ́ Ígbò.

Ibi tí èsì ti lágbára fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni ìpín láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù. Tí wọ́n bá ní 82 sí 18, ó lè gbà á pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, nítorí àwọn ojú bíi rs2814778 pọ̀ tó ń ṣèrànwọ́. Pípín 82 yẹn sí orílẹ̀-èdè ló ń gbọ̀n.

Báwo ni mo ṣe lè mọ nọ́ńbà tó ń gbọ̀n?

Ẹ tẹ orúkọ agbègbè náà lórí ìkànnì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa fi àlàfo hàn yín. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ 27 yẹn ni wọ́n ti kọ ọ́ kékeré pé ó lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 39. Ti Málì, láti 0 sí 6. Àlàfo tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo túmọ̀ sí pé ó lè má sí rárá. Ká ní ó gbé àlàfo yẹn sórí WhatsApp dípò 27, n kò rò pé ẹnikẹ́ni ìbá jà.

Lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ 23andMe, ibì kan wà tí èèyàn ti lè yan bí ìdánilójú ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. 50 nínú 100 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. Tí ẹ bá gbé e dé 90, ẹ ó rí i tí orúkọ orílẹ̀-èdè ń ṣí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí "Broadly West African" sì ń pọ̀ sí i. Ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá dé 90 ni kí ẹ bá ẹbí sọ.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá, kí ló dé tí èsì wa yàtọ̀?

Ìdajì DNA bàbá ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdajì kan náà. Bí ẹni bu ẹ̀wà nínú igbá kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni, iye tó bọ́ sínú ṣíbí kò ní rí bákan náà. Ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sọ ohunkóhun nípa ìyá.

Nítorí náà, ṣé èsì yìí kò lè sọ ẹni tó bí ọmọ?

Pásẹ́ǹtì láàárín aládùúgbò kò lè sọ ọ́, láéláé. Ṣùgbọ́n ojú ìwé mìíràn wà lórí ìkànnì kan náà tó lè sọ púpọ̀, kò sì ní agbo àfiwé kankan nínú. Òun ni ibi tí wọ́n ti ń to àwọn oníbàárà mìíràn tó bá yín tan. Ibẹ̀, DNA ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n gbé lé ara wọn, wọ́n wá wọn gígùn ibi tó bára mu. cM ni wọ́n máa ń kọ lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Bàbá tàbí ìyá pẹ̀lú ọmọ máa ń ní nǹkan bí 3,400. Ọmọ pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà máa ń wà ní nǹkan bí 1,750, ó lè dín, ó lè lé. Àtúnṣe agbo àfiwé kì í yí nọ́ńbà wọ̀nyí padà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́níyà lọ́jọ́ yẹn, mo pe ọmọ rẹ̀ lórí fídíò, mo ní kó ṣí ojú ìwé náà. Orúkọ tó wà lókè pátápátá ni ti àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Mánṣẹ́sítà, òun gan-an tí ohùn rẹ̀ ń ròkè jù nínú WhatsApp. Ó ti tutọ́ sí ilé iṣẹ́ kan náà ní ọdún méjì ṣáájú. 1,742 cM ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nọ́ńbà yẹn fi hàn pé ọmọ ilé náà ni ọmọ náà ní tòótọ́, àti pé ẹni tó bá tún fẹ́ kí ó dá bàbá gan-an mọ̀ láàárín ọmọ ìyá, kí bàbá fúnra rẹ̀ tutọ́, kí wọ́n wá 3,400.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti dákẹ́ láti àárọ̀, ní òun kò ní tutọ́ sínú ike ẹnikẹ́ni. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe Mánṣẹ́sítà, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.